Ta ló kọ́kọ́ kọ ìlà yìí? Bí a ṣe ń yẹ orin tuntun wò kí a tó wọ sítúdíò

"Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Mo kọ orin ìfẹ́ kan tí mo fẹ́ lọ gbà sílẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Ègbè rẹ̀ ni: 'Bá mi gbé, má lọ, alẹ́ ń lẹ́ lọ, òkùnkùn ń ṣú, má fi mí sílẹ̀.' Inú orí mi ló ti jáde, n ò wo ibì kankan. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta gìtá fún mi ní òun ti gbọ́ ọ rí, kò sì rántí ibi tó ti gbọ́ ọ. Mo wá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, n ò rí nǹkan kan. Mùsùlùmí ni mí, Ìbàdàn ni mo dàgbà sí, fújì àti àpàlà ni wọ́n ń gbọ́ nílé wa. Báwo ni mo ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó náwó lé e?"

Àbúrò mi, oní-gìtá rẹ kò parọ́. Orin ìsìn ló gbọ́, ọ̀kan lára àwọn tí etí gbogbo ènìyàn mọ̀ jù lọ nínú ìwé orin àwọn Kìrìsìtẹ́nì nílẹ̀ Yorùbá. Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀: "Wá bá mi gbé, alẹ́ fẹ́rẹ̀ lẹ́ tán." Òkùnkùn tó ń ṣú ló tẹ̀ lé e, bíi tìrẹ gan-an, lẹ́yìn náà ni ẹ̀bẹ̀ "bá mi gbé" tún padà wá. Henry Francis Lyte, àlùfáà kan ní Brixham, ìlú àwọn apẹja ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1847 ló kú. Wọ́n ń kọ ọ́ nígbà ìsìn ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì ń kọ ọ́ níbi òkú. Níbi òkú yẹn ni mo rò pé ó ti wọ̀ ọ́ létí. Ní Ìbàdàn, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ń gbé agboolé kan náà, bí bàbá àgbà kan bá sì kú ní kejì ilé, gbohùngbohùn tí wọ́n so mọ́ ẹnu àgánrándì kò ní bi ọ́ léèrè ẹ̀sìn tí ò ń ṣe. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó ń ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtíbàbà gbọ́ ọ, kò mọ̀ pé òun gbọ́ ọ, ogún ọdún kọjá, ó jókòó láti kọ orin ìfẹ́, ọ̀rọ̀ náà sì tú jáde bíi pé tirẹ̀ ni.

Ìdí nìyí tí mi ò fi gba "n ò wo ibì kankan" gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, kì í ṣe pé n kò gbà ọ́ gbọ́. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe àdàkọ máa ń mọ ibi tó ti mú un, nítorí náà ó máa ń mọ ibi tó yẹ kó ti yí i padà. Ẹni tí kò mọ̀ ni kì í yí ohunkóhun padà. Ẹjọ́ tí gbogbo akọrin mọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ni ti George Harrison, ọ̀kan nínú àwọn Beatles. Ó gbé "My Sweet Lord" jáde ní 1970, àwọn tó ni "He's So Fine", orin tí àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Chiffons kọ ní 1963, sì pè é lẹ́jọ́. Ní 1976, adájọ́ ní New York sọ pé òun kò rò pé Harrison mọ̀ọ́mọ̀ jí i, pé ọkàn rẹ̀ ló gbé e fún un láìjẹ́ kó mọ̀. Ó sì dá a lẹ́bi síbẹ̀. Ohùn orin ni wọ́n ń jà lé lórí níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀, ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà sì ni, kì í ṣe tiwa, ṣùgbọ́n bí nǹkan ṣe ń wọ orí ènìyàn tí á sì jókòó síbẹ̀ láì jẹ́ orúkọ ẹni tó ni ín, kò sí ìyàtọ̀ láàárín Lọ́ńdọ́ọ̀nù àti Bẹẹrẹ.

Nísinsìnyí, jẹ́ ká tú ègbè rẹ palẹ̀, nítorí ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. "Má lọ" kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. "Má fi mí sílẹ̀" kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Ojoojúmọ́ ni ọmọ ń sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀. "Bá mi gbé" pàápàá, orúkọ ènìyàn ni. "Òkùnkùn ń ṣú", bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Bí o bá yẹ ẹyọ kọ̀ọ̀kan wò, wàá ní kò sí ìṣòro kankan. Ohun tó di ti ẹlòmíràn ni bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra: ẹ̀bẹ̀ kí ẹnì kan bá mi gbé, lẹ́yìn rẹ̀ alẹ́ tó ń lẹ́, lẹ́yìn rẹ̀ òkùnkùn tó ń ṣú, lẹ́yìn rẹ̀ ẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́rin tó wọ́pọ̀ ni, ṣùgbọ́n okùn tó so wọ́n pọ̀ ni etí mọ̀. Nítorí náà, nígbà tí mo bá ń yẹ orin wò, mi ò kì í béèrè pé ta ló ni ọ̀rọ̀ yìí. Mo máa ń kọ ìlà náà sílẹ̀ ní ṣókí, láì lo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, bíi pé mo ń ròyìn rẹ̀ fún ẹni tí kò gbọ́ ọ: "ó bẹ̀ ẹ́ kó dúró, ó ní ilẹ̀ ti ń ṣú, ó tún bẹ̀ ẹ́." Bí ìròyìn náà bá bá orin olókìkí kan mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ọ̀rọ̀ pàtàkì méjì tàbí mẹ́ta inú wọn sì tún jẹ́ ọ̀kan náà, ibẹ̀ ni mo ti ń dúró.

Ẹjọ́ kan wà tó fi èyí hàn kedere. Taylor Swift gbé "Shake It Off" jáde ní 2014. Àwọn méjì tó kọ "Playas Gon' Play", tí ẹgbẹ́ 3LW kọ ní 2001, pè é lẹ́jọ́ ní 2017, nítorí pé àwọn orin méjèèjì so irú ọ̀rọ̀ méjì kan náà pọ̀ nínú ègbè wọn: pé eléré yóò ṣeré, pé olùkórìíra yóò kórìíra. Ní 2018, adájọ́ kan ní Los Angeles da ẹjọ́ náà nù, ó ní ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo ènìyàn ni wọ́n. Ní 2019, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá a padà pé kí wọ́n tún un gbọ́. Ní ìparí 2022 ni wọ́n tó yanjú rẹ̀ láàárín ara wọn, láìsí ìdájọ́. Wò ó dáadáa: kò sí ẹni tó lè sọ dájú títí di òní bóyá ó jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ọdún márùn-ún ló fi sanwó fún lọ́yà lórí ọ̀rọ̀ tí gbogbo ọmọ àdúgbò ń sọ. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù fún ẹni tí kò ní owó Swift.

Wàá gbọ́ lẹ́nu àwọn ará sítúdíò pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta kò lè di ẹjọ́, tàbí pé bí o bá ti pààrọ̀ ọ̀rọ̀ kan, ó ti di tìrẹ. Kò sí òfin tó sọ bẹ́ẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà ti 2022 kò ka ọ̀rọ̀ ní méjì mẹ́ta. Ohun tí wọ́n máa ń wò ni bí ohun tí o mú ti ṣe pàtàkì tó nínú iṣẹ́ ẹlòmíràn, ègbè sì ni ibi tó ṣe pàtàkì jù nínú orin. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin láti inú ègbè lè wúwo ju ìlà mẹ́rin láti àárín orin lọ.

Nípa íńtánẹ́ẹ̀tì tí o wá a lórí rẹ̀: mo fẹ́ mọ bí o ṣe kọ ọ́. Bí o bá kọ gbogbo ègbè náà pọ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, kò lè rí i, nítorí pé kò sí orin kan tó ní gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ gẹ́lẹ́. Ìkejì, àwọn tó ń kọ orin Yorùbá sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kì í sábà fi àmì sí i, wọ́n sì ń lẹ ọ̀rọ̀ pọ̀ bó ṣe wù wọ́n. Ẹlòmíràn á kọ "bami", ẹlòmíràn á kọ "ba mi". Ibi tí "ṣ" wà, wọ́n lè fi "sh" tàbí "s" rọ́pò rẹ̀. Ibi tí a ti pa fáwẹ́lì jẹ, wọ́n lè kọ ọ́ ní kíkún. Nítorí náà, gé ìlà rẹ sí wẹ́wẹ́, ọ̀rọ̀ kan sí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, fi àmì àyọlò ká a, kí o sì tẹ oríṣiríṣi ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà kọ ọ́:

```
"ba mi gbe" "ale" orin
"bami gbe" "okunkun" lyrics
"ale nle" "ma lo" orin
```

Mo fi "orin" àti "lyrics" sí i nítorí pé Bámigbé jẹ́ orúkọ. Bí o kò bá fi í sí i, orúkọ àwọn olóṣèlú àti olùkọ́ ni yóò kún ojú ẹ̀rọ rẹ. Ìlà àkọ́kọ́ yẹn nìkan ni mo rò pé ó máa gbé orin ìsìn náà wá fún ọ. Ṣùgbọ́n bí o kò bá rí nǹkan kan, má fi ọkàn balẹ̀. Àìmọye rẹ́kọ́ọ̀dù àpàlà, wákà, sákárà àti fújì ló wà tí ẹnikẹ́ni kò kọ ọ̀rọ̀ inú wọn sílẹ̀ rí. Ohùn wọn wà lórí YouTube, ọ̀rọ̀ wọn kò sí níbẹ̀. Bí íńtánẹ́ẹ̀tì bá sọ pé "ó wà", gbà á gbọ́. Bí ó bá sọ pé "kò sí", kò tíì sọ nǹkan kan.

Níbi tí íńtánẹ́ẹ̀tì bá dákẹ́ sí, ìlù dùndún ni mo máa ń gbé ìlà lọ bá. Èdè wa ló fún wa ní ọ̀nà yìí. Ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá ló ń darí ohùn orin: ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti gòkè, orin gbọ́dọ̀ gòkè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìtumọ̀ á yí padà. "Alẹ́ ń lẹ́ lọ" jẹ́ re mí mí mí re, bí ó ti wù kí o gbìyànjú láti fi ohùn mìíràn wọ̀ ọ́. Nítorí náà, bí ìlà rẹ bá ní ohùn kan náà pẹ̀lú ìlà àtijọ́ kan, orin inú rẹ̀ á jọ ọ́, àní bí ọ̀rọ̀ rẹ tilẹ̀ yàtọ̀ pátápátá, ẹni tó ń gbọ́ á sì rántí tàtijọ́. Ohun tí mò ń ṣe ni pé n ó kọ ìlà náà létí àyàn, n ó ní kó fi ìlù sọ ọ́ láìsí ẹnu, lẹ́yìn náà n ó pe àyàn kejì tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, n ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìlù yìí ń sọ?" Ọ̀rọ̀ mẹ́ta kò tó fún ìdánwò yìí. Mí re mí lè jẹ́ "bá mi gbé", ó lè jẹ́ "dá mi sí", ó lè jẹ́ "gbé mi dé", àyàn á kàn máa méfò. Jẹ́ kó tó sílébù mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá. Bí àyàn méjì bá sọ ohun méjì tó yàtọ̀ síra, ọkàn mi á balẹ̀ díẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá dárúkọ orin kan náà láì bá ara wọn sọ ọ́, mo ti rí ìdáhùn.

Ojú mi ti rí ohun tí mò ń sọ yìí. Ní àwọn ọdún kan sẹ́yìn, mo kọ ègbè kan fún akọrin jùjú kan. A gbà á sílẹ̀ tán, a sanwó tán. Nígbà tí wọ́n kọ ọ́ níbi ìsọmọlórúkọ kan, àwọn ìyá àgbà tó jókòó síwájú gbe ìlà àkọ́kọ́, inú mi dùn, ṣùgbọ́n ìlà kejì tí wọ́n fi dáhùn kì í ṣe èyí tí mo kọ. Gbogbo wọn ló sì dáhùn bákan náà. Orin inú àlọ́ ni, èyí tí ìyá ìyá mi ń kọ fún wa nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo ti gbàgbé pátápátá. Mo padà sílé, mo tún gbọ́ ohun tí a gbà sílẹ̀, ìgbà náà ni mo tó gbọ́ pé onígángan wa ti ń lu ìdáhùn àlọ́ yẹn sábẹ́ ègbè náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó rò pé a mọ̀ ni. Kò sí ẹni tó bi í. Orin àlọ́ kì í ṣe ti ẹnì kan, kò sì sí ẹni tó pè wá lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n akọrin náà ti ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé orin tuntun ni, ojú sì tì í. A tún un kọ, owó sítúdíò lọ lẹ́ẹ̀mejì.

Àmọ́ àbùkù ńlá kan wà nínú ìdánwò ìlù, ó sì kan ọ́ gan-an. Kò lè rí orin ìsìn. Ohùn orin òyìnbó ni àwọn tó túmọ̀ ìwé orin ìgbà náà fi ọ̀rọ̀ Yorùbá wọ̀, ohùn náà kò sì tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ fi ń dún bíi ọ̀rọ̀ mìíràn bí a bá ń kọ wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí o bá gbé ègbè rẹ lọ bá àyàn tó dára jù lọ ní Ọ̀yọ́, ó lè sọ pé òun kò gbọ́ ọ rí, òótọ́ ló sì máa sọ. Ọ̀rọ̀ nìkan ló so tìrẹ pọ̀ mọ́ orin ìsìn yẹn, ohùn kò sí níbẹ̀. Fún irú èyí, ènìyàn ni wàá lọ bá. Má sì ṣe béèrè pé "ṣé ó jọ orin kan?" Ẹni tí o bá bi bẹ́ẹ̀ á fẹ́ ràn ọ́ lọ́wọ́, á wá nǹkan kan sọ. Kọ ìdajì ìlà, dákẹ́, kí o ní kó bá ọ parí rẹ̀. Sọ fún ìyá kan nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì pé "bá mi gbé..." kí o sì dúró. Bí ó bá fi "alẹ́ fẹ́rẹ̀ lẹ́ tán" dá ọ lóhùn kí o tó mí, o ò ní láti béèrè ohun mìíràn. Ẹni márùn-ún ni mo máa ń lò, mo sì ń ṣọ́ra kí wọ́n má jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ kan náà: ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ọmọ ogún ọdún, ẹnì kan láti ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnì kan láti mọ́ṣáláṣí, àti onílù tàbí ẹni tó ń yan orin nílé iṣẹ́ rédíò. Ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ gbọ́ orin kan náà dàgbà, ohun tí o kò mọ̀, ó ṣeé ṣe kí àwọn náà má mọ̀ ọ́n. Ọpẹ́lọpẹ́ oní-gìtá rẹ yẹn.

Kí lo wá lè ṣe? O lè fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Kò sí ẹni tó lè gba owó lọ́wọ́ rẹ nítorí ọ̀rọ̀ Lyte: òfin Nàìjíríà dáàbò bo iṣẹ́ òǹkọ̀wé títí di àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, tirẹ̀ sì ti kọjá tipẹ́. Ti ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá ni kí o yẹ̀ wò lọ́tọ̀, nínú ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé orin tí o bá rí i. Ṣùgbọ́n òfin kọ́ ni ìṣòro rẹ níbí. Orin tí wọ́n fi ń sin òkú ló ń rìn nínú orin ìfẹ́ rẹ. Bí ẹni tó sin ìyá rẹ̀ lọ́dún tó kọjá bá gbọ́ ègbè rẹ níbi ìgbéyàwó, ibojì ni ọkàn rẹ̀ á lọ, kò sì ní mọ ìdí rẹ̀. Ọ̀nà kejì ni pé kí o mọ̀ọ́mọ̀ lò ó, kí ó hàn pé o mọ̀ ọ́n: kí ẹni inú orin náà sọ pé òun gbọ́ wọn tí wọ́n ń kọ ọ́ ní kejì ilé nígbà tí olólùfẹ́ òun ń dìde láti lọ. Ìyẹn lè dára púpọ̀, torí pé ìbànújẹ́ orin àtijọ́ á máa ṣiṣẹ́ fún ọ dípò kó máa dí ọ lọ́wọ́. Ká ní ti akọrin tó wà láàyè ni, tàbí tó kú tí kò tíì pé àádọ́rin ọdún, ìwé àṣẹ ni wàá kọ́kọ́ gbà, lọ́wọ́ ẹni tó ni orin náà, èyí tó lè máà jẹ́ ẹni tó kọ ọ́ lẹ́nu. Ẹgbẹ́ MCSN tó ń gba owó orin jọ fún àwọn olórin lè tọ́ka rẹ sí ẹni náà.

Ọ̀nà kẹta ni èmi á yàn fún ọ: yí i padà. Má kàn pààrọ̀ ọ̀rọ̀. Bí o bá fi "dúró tì mí" rọ́pò "bá mi gbé", tí alẹ́ àti òkùnkùn sì dúró síbi tí wọ́n wà, okùn ìlẹ̀kẹ̀ náà kò já. Alẹ́ ni kí o mú kúrò. Bi ara rẹ pé báwo ni ẹni inú orin rẹ ṣe mọ̀ pé àkókò ń lọ. Bóyá ọkọ̀ ìkẹyìn ti ń pe èrò ní Ìwó Róòdù. Bóyá epo ló ń tán nínú àtùpà: "Jókòó sí i díẹ̀, epo ṣì kù nínú àtùpà." Mo kọ èyí báyìí láti fi ṣe àpẹẹrẹ, mo sì ti ń gbọ́ òórùn ìtàn àwọn wúńdíá mẹ́wàá inú Bíbélì nínú rẹ̀. Ìtàn nìyẹn, kì í ṣe ìlà orin, mi ò rò pé yóò dà ọ́ láàmú, ṣùgbọ́n ìwọ náà yóò tún gbé e gba ọ̀nà kan náà: ìròyìn ṣókí, íńtánẹ́ẹ̀tì, ìlù, ẹni márùn-ún.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ohun kan á ṣẹ́ kù tí kò sí ẹni tó lè rí. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan kọ ìlà rẹ sínú rẹ́kọ́ọ̀dù kan ní 1968, ẹ̀dà rẹ̀ mẹ́ta ló kù láyé, ọ̀kan nínú wọn sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ̀. Kò sí ìdánwò tó lè dé ibẹ̀. Nítorí ìyẹn ni kí o fi tọ́jú ẹ̀rí bí orin rẹ ṣe dàgbà. Ohùn tí o gbà sórí fóònù ní ọjọ́ àkọ́kọ́, má pa á rẹ́. Ọjọ́ wà lára rẹ̀. Ìwé tí o fi kọ ọ́, pẹ̀lú gbogbo ibi tí o ti fa ìlà lé ọ̀rọ̀, fi í pamọ́. Kọ orúkọ àwọn márùn-ún tí o bi sílẹ̀ àti ohun tí wọ́n sọ. Bí owó tó wà nínú orin náà bá pọ̀, tí ẹnì kan sì ti dárúkọ orin ẹni tó wà láàyè fún ọ, lọ́yà tó mọ òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ni kí o lọ bá, kì í ṣe èmi. Lọ fún oní-gìtá rẹ ní ìlà tuntun náà kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, kọ ìdajì rẹ̀ fún un, kí o sì gbọ́ ohun tó máa fi parí rẹ̀.